Ta Ló Ń Jẹ Ṣúgà Níbẹ̀? Bí A Ṣe Ń Ka Iye tó Wà Lórí Síkáànì PET

Lọ́jọ́ Àìkú kan lọ́dún tó kọjá, mo wà nílé ní Ìlobì fún ìsinmi nígbà tí bàbá mi na fóònù wọn sí mi. Àǹtí mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò bàbá mi obìnrin, ti ya fọ́tò ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n fún wọn lọ́sibítù, wọ́n sì ti fi í sórí Wáásáàpù ẹbí. Bàbá mi ní, "Ìwọ lo ń kàwé nípa èdè. Wá túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá wa." Màmá àgbà ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń dúró.

Ìwé náà kò gùn. Ó ní àwọn kókó kan wà láàárín àyà Àǹtí tí wọ́n gbóná, iye wọn sì jẹ́ SUVmax 8.4. Ó ní ojú kékeré kan tún wà lókè ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, SUVmax 4.1. Ó wá parí rẹ̀ pé kí wọ́n bu díẹ̀ nínú àwọn kókó náà lọ yẹ̀ wò, nítorí pé ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì lè jẹ́ àrùn mìíràn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá sọ fún Màmá àgbà pé, "Ẹ mà, wọ́n rí ibi tó ń gbóná nínú àyà wọn. Jẹjẹrẹ ni wọ́n ló jẹ́."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti di ńlá. Màmá àgbà kò fọwọ́ kan oúnjẹ alẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà pe Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kí Àǹtí má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún wọn lábẹ́rẹ́ láyà. Wọ́n ní àwòrán ti fi jẹjẹrẹ hàn, kí ni wọ́n tún fẹ́ gún? Wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ bá kan án, ṣe ni yóò ràn káàkiri ara, kí Àǹtí kúkú máa bọ̀ wálé. Àǹtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún wọn. Gbólóhùn tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé náà kò sọ ohun tí mo sọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa nọ́ńbà kan ṣoṣo náà, kí n tó lè tún ìtumọ̀ mi ṣe. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni wọ́n máa na irú fóònù bẹ́ẹ̀ sí. Ẹni tó bá ka èdè nínú ẹbí ni wọ́n máa ń pè.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń wá

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ "gbóná." Nígbà tí mo ní àyà Àǹtí ń gbóná, ibà ni Màmá àgbà gbọ́. Ẹ̀rọ náà kò wọn ooru rárá. Ṣúgà ló ń wá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n máa ń po irú ṣúgà kan tó jọ gúlúkóòsì tí ara wa ń lò, àmọ́ tí wọ́n ti so àmì kan mọ́ ọn, ìyẹn èròjà fúlórínì kan tó ń tú ìtànṣán jáde. FDG ni wọ́n máa ń kọ sórí ìwé fún ṣúgà yìí. Oṣù Ògún ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ fún èèyàn ní irú rẹ̀, ní Yunifásítì Pẹnsilfáníà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń wá ṣúgà yóò gba FDG wọlé bí ẹni gba gúlúkóòsì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ náà ti há. Sẹ́ẹ̀lì ò lè lò ó tán, kò sì lè tètè tì í jáde. Báyìí ni àmì náà ṣe máa ń kóra jọ síbi tí wọ́n ti ń jẹ ṣúgà jù, ẹ̀rọ yóò sì rí ìtànṣán rẹ̀ láti ìta ara.

Àmì yẹn kì í pẹ́ kú. Láàárín nǹkan bí 110 ìṣẹ́jú, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Bí wọ́n bá ṣe é ní Èkó, tí ọkọ̀ sì gbé e gba Ọ̀tà dé Ìlaròó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìdajì rẹ̀ ti kú kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí síkáànì yìí kì í fi í sí ní gbogbo ọsibítù. Ó gbọ́dọ̀ wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ṣúgà náà.

Àǹtí sọ fún mi nígbà tó yá pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní kí wọ́n má jẹun fún wákàtí mẹ́fà. Wọ́n kọ́kọ́ wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ FDG, wọ́n wá ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú yàrá kan fún wákàtí kan, láìsọ̀rọ̀ púpọ̀, láìtẹ fóònù. Wọ́n tún fi kúbùsù bò wọ́n. Àǹtí rò pé aájò ni. Aájò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìdí mìíràn. Iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń jẹ ṣúgà. Bí òtútù bá sì mú èèyàn, irú ọ̀rá kan wà lọ́rùn àti léjìká tó máa ń jó ṣúgà láti fi mú ara móoru. Gbogbo ìyẹn máa ń tàn lórí àwòrán bí ẹni pé àrùn ni.

Bí wọ́n ṣe ń rí 8.4

Nọ́ńbà SUV jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo: ká ní wọ́n pín ṣúgà tí wọ́n gún sínú ara yìí dọ́gbadọ́gba, láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ìlọ́po mélòó ìpín yẹn ló wà níbí? Bí ibì kan bá gba ìpín tirẹ̀ gẹ́lẹ́, SUV rẹ̀ jẹ́ 1. Bó bá gba ìlọ́po mẹ́ta, ó jẹ́ 3. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀:

SUV = C ÷ (D ÷ W)

C ni ìwọ̀n ìtànṣán tí ẹ̀rọ rí níbẹ̀, D ni ìwọ̀n ìtànṣán tí wọ́n gún sí ara, W sì ni ìwúwo ẹni náà. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i, kó lè yé wa. Ká ní Àǹtí wúwo tó kílò 70, tí wọ́n sì gún wọn ní 280 MBq. Bí a bá fi 70 pín 280, a óò rí 4. Ìyẹn ni pé bó bá tàn kálẹ̀ dọ́gba, 4 kBq ni yóò kan gíráàmù ara kọ̀ọ̀kan. Ní àwọn kókó àyà yẹn, ẹ̀rọ rí 33.6 kBq. Fi 4 pín 33.6, ó di 8.4. Ní ẹ̀dọ̀ wọn, tí kò ní àìsàn kankan, ká ní ó rí 9.2. Fi 4 pín in, ó di 2.3. Láàárín 2 sí 3 ni ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń fi ojú ibi tó tàn wé ẹ̀dọ̀ ẹni náà gan-an kí wọ́n tó sọ pé ó pọ̀.

Ọ̀rọ̀ "max" tó wà lẹ́yìn SUV náà ní ìtumọ̀. Àwọn àpótí kéékèèké ni àwòrán yìí pín sí. SUVmax jẹ́ iye àpótí kan ṣoṣo tó pọ̀ jù nínú gbogbo kókó náà. Kì í ṣe àpapọ̀ wọn, kò sì sọ bí kókó náà ṣe tóbi tó.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìṣirò yìí: ìtànṣán, oògùn tí wọ́n gún, àti ìwúwo. Kò síbi tí wọ́n fi orúkọ àrùn sí. Ohun tí kò wọ inú ìṣirò kò lè ti inú rẹ̀ jáde. Bí mo ṣe rí èyí ni ojú tì mí fún ìtumọ̀ mi àkọ́kọ́.

Ohun tó lè yí nọ́ńbà náà padà

Nọ́ńbà yìí lè yí padà láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú ara. Ìwúwo ni ká kọ́kọ́ wò. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ṣèèṣì kọ kílò 84 dípò 70. Fi 84 pín 280, ó di 3.33. Fi ìyẹn pín 33.6, kókó tó jẹ́ 8.4 ti di nǹkan bí 10.1. Kò sí sẹ́ẹ̀lì kan tó jẹ ṣúgà sí i. Bírò ló ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹ wo iye ẹ̀dọ̀. Bí ìwúwo bá yẹ̀, gbogbo ibi nínú ara ni yóò yẹ̀ bákan náà. Ẹ̀dọ̀ tó jẹ́ 2.3 yóò di nǹkan bí 2.8. Kókó náà ṣì máa jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ ti ẹ̀dọ̀, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Èkejì ni àkókò. Lẹ́yìn wákàtí kan, nǹkan bí 192 ló kù nínú 280 yẹn, torí pé àmì náà ń kú lọ. Kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò èyí mọ́ ọn. Ohun tí kò lè ṣàtúnṣe ni pé sẹ́ẹ̀lì kò dúró, ó ṣì ń jẹ. Kókó tí wọ́n yà lẹ́yìn ọgọ́ta ìṣẹ́jú lè tàn ju bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá yà á lẹ́yìn àádọ́rùn-ún. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ṣe síkáànì méjì, tí èkíní jẹ́ 7 tí èkejì jẹ́ 8, ẹ má tíì sunkún. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àkókò ìdúró méjèèjì dọ́gba, bóyá ẹ̀rọ kan náà ni, àti bóyá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Bí gúlúkóòsì bá ti kún inú ẹ̀jẹ̀, òun àti FDG yóò máa du ẹnu ọ̀nà kan náà, ibi tó yẹ kó tàn yóò sì ṣú. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó bá lọ gba ínsúlíìnì kété kó tó débẹ̀, iṣan ara rẹ̀ ni yóò gbé ṣúgà náà jẹ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó gún èèyàn, wọ́n sì lè dá ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù padà lọ sílé pé kó wá lọ́jọ́ mìíràn.

Ta ló ń jẹun níbẹ̀?

Ká wá gbà pé nọ́ńbà náà péye. Ta ló ń jẹ ṣúgà tó bẹ́ẹ̀?

Láti àwọn ọdún 1920 ni Otto Warburg, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, ti ṣàkíyèsí pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń jẹ gúlúkóòsì lọ́nà àrà. Orí ìyẹn ni síkáànì yìí dúró lé fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ, ó sì wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ nìkan kọ́ ló ń jẹ ṣúgà. Ọpọlọ máa ń tàn yòò lórí gbogbo àwòrán, torí pé gúlúkóòsì ni oúnjẹ rẹ̀. Ọkàn lè tàn. Kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ máa ń tàn nítorí pé ibẹ̀ ni ìyókù FDG ń gbà jáde. Kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní àrùn.

Àwọn ọmọ ogun ara wa náà ń jẹ ṣúgà. Nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun tì í máa ń péjọ, wọ́n á máa jẹ ṣúgà láti fi jà. Àwọn kókó àyà tí ìwé Àǹtí sọ jẹ́ ibùdó wọn. Irú wọn náà ló máa ń wú lábẹ́ àgbọ̀n bí eyín bá ń dunni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Kófíìdì lápá lè rí i kí kókó abíyá apá náà tàn bí iná.

Èyí tó kan àwa jù ni ikọ́ ife, tí a ń pè ní tíbíì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè 30 tí ẹrù àrùn yìí wúwo jù fún. Níbi tí kòkòrò ikọ́ ife bá jókòó sí, àwọn ọmọ ogun ara máa ń rọ̀gbà yí i ká bí odi, wọ́n sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún. Odi yìí máa ń jẹ ṣúgà. Iye SUV rẹ̀ lè jẹ́ 4, ó lè jẹ́ 8, ó tilẹ̀ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń sọ pé ohun tó bá ti kọjá 2.5 jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ̀yin náà ti rí i pé odi ikọ́ ife lè fo 2.5 láìwẹ̀yìn.

Stephen Deppen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 70 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn JAMA lọ́dún 2014. Ojú kékeré inú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n gbájú mọ́. Wọ́n béèrè pé, nínú àwọn tí tiwọn kì í ṣe jẹjẹrẹ, mélòó ni síkáànì dá láre? Níbi tí àwọn àrùn ẹ̀dọ̀fóró bí ikọ́ ife kò ti wọ́pọ̀, ó dá 77 láre nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí wọ́n ti wọ́pọ̀, 61 péré ló dá láre. Ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí kò ní jẹjẹrẹ níbẹ̀, 39 ni àwòrán yóò fi ìka jẹjẹrẹ tọ́ka sí.

Ibo wá ni Àǹtí wà nínú méjèèjì? Lọ́ńdọ̀nù ni àdírẹ́sì wọn. Ṣùgbọ́n Ìlobì ni wọ́n ti dàgbà, inú yàrá kan náà pẹ̀lú bàbá wọn àgbà tó húkọ́ títí ó fi kú ni wọ́n sì sùn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Kòkòrò ikọ́ ife lè sùn sínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó jí lọ́jọ́ tí agbára ara bá dín kù. Ẹ̀rọ kò mọ ìtàn yẹn. Dókítà náà kò lè mọ̀ ọ́n àfi bí ẹnì kan bá sọ fún un. Àǹtí kò sọ, torí pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n, àwọn náà kò sì rò pé ó kan ọ̀rọ̀.

Ibi tí kò tàn ńkọ́?

Bí ibi tó tàn kì í bá ṣe ẹ̀rí jẹjẹrẹ, ibi tí kò tàn náà kì í ṣe ẹ̀rí àlàáfíà. Àwọn jẹjẹrẹ kan máa ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, wọn kì í sì í jẹ ṣúgà púpọ̀. Àwọn irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan wà nínú irú bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ tó ń ṣe àwọn ọkùnrin lẹ́nu àpò ìtọ̀.

Kíkéré náà tún lè tan ẹ̀rọ jẹ. Ojú ẹ̀rọ yìí kò mú tó bí a ṣe rò. Nǹkan tó bá kéré tó ẹ̀wà kan máa ń ṣe bàìbàì lójú rẹ̀, ìtànṣán rẹ̀ yóò fọ́n sí ẹ̀gbẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ yóò sì lọ sílẹ̀ ju òtítọ́ lọ. Nítorí náà, SUV 1.5 lórí ojú tó kéré ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ kò dá ẹnikẹ́ni láre. Dókítà lè ní kí wọ́n tún yà á wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bóyá ó dàgbà.

Ohun tí abẹ́rẹ́ rí

Nígbà tí mo ti mọ ìwọ̀nba yìí, mo pe Àǹtí. Mo tọrọ àforíjì, mo sì ka ìwé náà fún wọn lọ́tun, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ìtàn bàbá àgbà fún dókítà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣì ń sọ pé abẹ́rẹ́ yóò tú u ká. Dókítà Àǹtí dáhùn pé ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, àti pé bí wọn kò bá bù ú, inú òkùnkùn ni wọ́n yóò ti máa fún wọn lóògùn. Oògùn jẹjẹrẹ máa ń tẹ agbára ara rì. Bó bá jẹ́ ikọ́ ife ló wà níbẹ̀, ṣe ni wọ́n yóò ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ ni, tí wọ́n ń fi ewé tàbí oògùn ikọ́ wò ó, oṣù tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ yóò ti kọjá lọ.

Àǹtí gbà. Àwọn dókítà ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ẹnu wọn wọ ọ̀nà èémí, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fi ìró ríran tó wà lórí rẹ̀ rí kókó náà, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ jáde níbẹ̀. Síkáànì wúlò nínú iṣẹ́ yìí gan-an. Òun ló fi ibi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ lọ hàn wọ́n. Mo wá rí i pé ìyẹn ni iṣẹ́ nọ́ńbà 8.4 láti ìbẹ̀rẹ̀: ó ń sọ fún dókítà pé, gún ibí.

Èsì kọ́kọ́ dé lórí ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀rọ awò-kòkòrò. Wọ́n rí odi àwọn ọmọ ogun ara tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọn kò rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kankan. Ìyẹn nìkan kò tó, torí pé abẹ́rẹ́ lè ṣì ibi tó yẹ, irú odi bẹ́ẹ̀ sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àyẹ̀wò tó ń wá àmì ìdánimọ̀ kòkòrò náà fúnra rẹ̀ jáde, ó sì fi ikọ́ ife hàn. Wọ́n tún gbin ohun tí wọ́n fà jáde sínú ìgò. Ìyẹn gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí kòkòrò yìí kì í yára dàgbà, ṣùgbọ́n òun náà hù. Oògùn mẹ́rin ni Àǹtí lò fún oṣù méjì, lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n lo méjì fún oṣù mẹ́rin. Ikọ́ dúró, ara padà bọ̀ sípò, ojú kékeré inú ẹ̀dọ̀fóró náà sì rọ̀ lọ lórí àwòrán tí wọ́n yà lẹ́yìn náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ka èyí tán kó wá sọ pé ikọ́ ife ni gbogbo ohun tó bá tàn. Obìnrin tí wọ́n jọ dúró de síkáànì lọ́jọ́ kan náà ní nọ́ńbà tó kéré ju ti Àǹtí lọ. Jẹjẹrẹ ni tirẹ̀. Àǹtí ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ohùn wọn sì rẹlẹ̀. Nọ́ńbà tó kéré kò gba obìnrin yẹn là, nọ́ńbà tó ga kò sì dá Àǹtí lẹ́bi. Abẹ́rẹ́ ló sọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ìtumọ̀ kejì

Ní kíláàsì wa, a máa ń fi "jẹ" àti "jẹ́" ṣàlàyé pé ohùn ń yí ìtumọ̀ padà. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo àṣìṣe mi yóò wà láàárín méjèèjì. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé ibẹ̀ ń jẹ ṣúgà. Ohun tí mo sọ ni pé ibẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ. Mo tún fo "ó lè" tó wà níwájú rẹ̀ dá, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni dókítà fi gbogbo àníyàn rẹ̀ sí.

Nígbà tí mo padà sí Ìlobì, mo jókòó ti Màmá àgbà. Mo ní, "Ẹ mà, ẹ jẹ́ kí n tún ìwé ọjọ́sí kà fún yín." Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé èyí tí o fi ebi pa mí lálẹ́?" Mo ní òun ni. Mo bi wọ́n pé bí wọ́n bá dúró lójú títì Ìlaròó láàárọ̀, tí wọ́n rí èéfín lókè igi lápá ibì kan, kí ni wọ́n máa sọ pé ó ṣẹlẹ̀? Wọ́n ní iná ń bẹ níbẹ̀. Mo ní iná kí ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó lè jẹ́ àwọn tó ń yan gààrí, ó lè jẹ́ àgbẹ̀ tó ń sun oko, ó sì lè jẹ́ ilé olúwa rẹ̀ ló ń jó. Mo ní bí èéfín náà bá wá pọ̀ gan-an ńkọ́? Wọ́n ní, "Àwọn tó ń yan gààrí máa ń rú èéfín ju ilé tó ń jó lọ nígbà mìíràn. Èèyàn á lọ débẹ̀ wò ni."

Mo ní ohun tí ìwé náà sọ gan-an nìyẹn.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan nínú ẹbí tàbí ládùúgbò bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ohun mẹ́ta ni mo máa ń wá kí n tó lanu. Mo máa ń wá iye ẹ̀dọ̀ ẹni náà, kí n lè mọ ohun tí wọ́n fi nọ́ńbà yòókù wé. Mo máa ń wo bí ojú náà ṣe tóbi tó, kí n lè mọ̀ bóyá nọ́ńbà kékeré kàn ń tan ni jẹ. Mo máa ń wá gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, níbi tí dókítà ti máa ń sọ ohun tó kù láti ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi ẹni náà pé ta ló ti húkọ́ rí nílé yín, ẹ sì ti sọ ọ́ fún dókítà bí?